Kókó Ọ̀fun Tí Àníyàn Ń Fà

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Ibẹ̀ ni oúnjẹ tí ó mú wa wà láàyè ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni ikú lè gbà wọlé. Nítorí náà, bí ó bá dàbí ẹni pé nǹkan há ènìyàn lọ́fun, kì í pẹ́ kí ẹ̀rù tó bà á. Ṣùgbọ́n irú kókó kan wà tí ènìyàn máa ń mọ̀ lára nínú ọ̀fun, tí ẹni tí ó bá wo ibẹ̀ kò sì ní í rí nǹkan kan. Nípa rẹ̀ ni a ó kà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí mo ti ń kọ́ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti wí fún un pé bí ó bá kùnà nínú ìdánwò, ìwé tán nìyẹn. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ kókó kan lára nínú ọ̀fun, ní ọ̀gangan gògóńgò. Ó rántí pé òun jẹ ẹja ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó sì pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé egungun ẹja ni. Ó ń gbé òkèlè ẹ̀bà ńláńlá mì kí ó lè tì í lọ sísàlẹ̀. Ó ń ki ìka bọ ọ̀fun. Ó sì ń gbé itọ́ mì nígbà gbogbo láti mọ̀ bóyá nǹkan náà ti lọ. Kàkà kí ó lọ, ńṣe ni ó ń le sí i. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á láti sùn, nítorí ó rò pé èémí òun yóò dúró lójú oorun.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà kò tètè fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ bi í.

"Bí o bá jẹ iyán, ǹjẹ́ ó ń há?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀. "Rárá, sà. Ó ń lọ geere."

"Omi ńkọ́?"

"Omi náà ń lọ, sà. Bí mo bá ń jẹ tàbí tí mo ń mu, n kì í mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo bá gbé itọ́ lásán mì ni ó máa ń hàn jù."

"Ìgbà wo ni ó ń le jù?"

"Ní alẹ́ ni, sà, nígbà tí mo bá ń ka ìwé ìṣirò. Lórí pápá bọ́ọ̀lù, mo máa ń gbàgbé rẹ̀."

Dókítà tẹ ọrùn rẹ̀ yíká, kò bá kókó kankan níbẹ̀. Ó tan iná sí i lọ́fun, kò rí ọgbẹ́. Ó gbé e ka orí ìwọ̀n, kò rí i pé ó rù. Ó wá wí pé, "Egungun ẹja kọ́ ni èyí. Bí egungun bá há ènìyàn, ibi tí ó ti ń jẹun ni yóò ti mọ̀. Yóò máa gún un ní ojú kan náà, bí ó bá sì ń jẹun ni yóò máa dùn ún jù. Tìrẹ kò dùn ọ́, oúnjẹ sì ń mú kí ó rọlẹ̀."

Omi lé ròrò sí ojú ọmọ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé irọ́ ni mo wá ń pa?"

"Rárá, ọmọ mi. Ohun tí o ń mọ̀ lára kì í ṣe irọ́. Ohun tí o rò pé ó fà á ni kì í ṣe òun."

Báyìí ni ó ṣe là á yé wa. Ní òkè ọ̀nà oúnjẹ, ní ẹ̀yìn gògóńgò, iṣan kan wà tí ó yí ọ̀nà náà ká bí okùn tí a fi fún ẹnu àpò. Nígbà tí a kò bá gbé nǹkan mì, iṣan yìí a máa pa ọ̀nà náà dé, kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú ikùn wa, kí ohun tí ó wà níkùn má sì baà gòkè wá. Bí a bá gbé oúnjẹ mì, iṣan náà a dẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ a kọjá, ọ̀nà a sì tún padé. Nígbà tí ọkàn ènìyàn kò bá balẹ̀, èjìká rẹ̀ a máa le, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ a máa le, iṣan ọ̀fun náà sì lè le pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti ń rí, ẹ di ìkúùkù yín gírígírí fún ìgbà díẹ̀. Yóò dàbí ẹni pé ẹ di nǹkan mú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òfìfo ni.

Ẹ tún gbé itọ́ mì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra láì mu omi. Ti àkọ́kọ́ yóò lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, itọ́ yóò ti tán lẹ́nu, ọ̀fun yóò sì dàbí ẹni pé ó kọ̀. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ nìyẹn. Àníyàn mú kí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ẹnu gbígbẹ mú kí itọ́ ṣòro láti gbé mì. Ìṣòro náà sì bí àníyàn mìíràn.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Oníṣègùn ará Ìlú Ọba kan ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1707. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń pè é ní orúkọ tí ó fi hàn pé àwọn obìnrin tí ọkàn wọn kò dúró lójú kan ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1968, oníṣègùn mìíràn dá a lábàá pé kí a yí orúkọ náà padà, nítorí kò bá púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn mu. Lóòótọ́, àníyàn nìkan kọ́ ni ó ń fà á. Omi kíkan tí ó ń gòkè láti inú ikùn lè fà á, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ń ṣàn sí ọ̀fun nígbà ọ̀fìnkìn náà sì lè fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe gbogbo ìnira ọ̀fun ní àníyàn. Bí oúnjẹ bá ń há ní tòótọ́, bí gbígbé nǹkan mì bá ń dunni, bí ara bá ń rù, bí kókó bá hàn ní ọrùn, bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, kí olúwarẹ̀ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Bí egungun bá há ènìyàn ní tòótọ́, kí ó má ṣe fi òkèlè tì í, nítorí ó lè tipa bẹ́ẹ̀ gún ọ̀fun jinlẹ̀ sí i.

Dókítà kò fún ọmọ náà ní oògùn. Ó ní kí ó yé dán ọ̀fun rẹ̀ wò. Bí ó bá ti fẹ́ gbé itọ́ lásán mì, kí ó fi omi díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ó má sì máa ha ọ̀fun. Èmi náà lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbà pé bí ọmọ náà bá kùnà, òun yóò jẹ́ kí ó tún ìdánwò náà ṣe. Kókó náà kò lọ ní ọjọ́ kan. Ó ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ó tún padà wá ní òwúrọ̀ ìdánwò ìṣirò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ọmọ náà ti mọ ohun tí í ṣe. Ó mu omi, ó sì wọlé lọ kọ ìdánwò rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọmọ náà rò pé ó há òun lọ́fun, kí ni ó sì ṣe sí i?
2. Ìdáhùn wo ni ó fi han dókítà pé kì í ṣe egungun ẹja?
3. Ṣàlàyé ìdí tí gbígbé itọ́ mì léraléra fi ń mú kí kókó náà le sí i.
4. Dárúkọ àmì mẹ́rin tí ó yẹ kí ó mú ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.