Bí Dọ́là Iṣẹ́ Ṣe Ń Wọ Fóònù, Títí Tó Fi Di Náírà

Oníbàárà tó wà ní Tọ̀róńtò lè san owó iṣẹ́ fún ayàwòrán tó wà ní Ìbàdàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò sí USDT. Owó kírípítò ni USDT, ilé iṣẹ́ Tether ló ń gbé e jáde láti ọdún 2014, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé ẹyọ kan jẹ́ dọ́là kan. Owó kì í sábà sọnù lójú ọ̀nà. Ìgbà tí a bá ń fúnni ní àdírẹ́sì àti ìgbà tí a bá ń tà á ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù tiwọn.

Ká ní 400 dọ́là ni owó iṣẹ́ náà. Kí ayàwòrán wa tó fi ìwé owó ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ yan nẹ́tíwọ̀kì tí owó máa gbà wọlé. Àdírẹ́sì Tron, tí wọ́n ń kọ ní TRC20, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T. Ti Ethereum, ìyẹn ERC20, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ̀kì BNB àti Polygon náà ń lo 0x. Àdírẹ́sì lè tọ̀nà kí ọ̀nà má tọ̀nà: oníbàárà á san owó tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ilé pàṣípààrọ̀ rẹ kò bá gba nẹ́tíwọ̀kì yẹn, o ò ní rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ TRC20 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kọ orúkọ nẹ́tíwọ̀kì náà sára ìwé owó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, kí o má sì fi ọwọ́ tẹ àdírẹ́sì náà rárá. Ṣe ni kí o ṣe àdàkọ rẹ̀ látinú wọ́lẹ́ẹ̀tì.

Ní kí oníbàárà kọ́kọ́ fi 10 dọ́là ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí méjì, lọ sí tronscan.org, lẹ àdírẹ́sì rẹ síbẹ̀, kí o wò bóyá ó ti wọlé. Orúkọ USDT nìkan ò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ayédèrú owó kó sì sọ ọ́ ní USDT. Ojúlówó tó wà lórí Tron ní àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì tirẹ̀:

```
TR7NHqjeKQGxTCi8q8ZY4pL8otSzgjLj6t
```

Bí àdírẹ́sì kọ́ńtíráàtì ohun tó wọlé kò bá jẹ́ èyí, kò sówó níbẹ̀. Bó bá pé, kí oníbàárà fi 390 tó kù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ kan náà.

Bó bá jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ìwọ fúnra rẹ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lo gbà á sí, o ò san kọ́bọ̀ kí owó tó wọlé, ṣùgbọ́n kò ní jáde láìsí TRX, tí í ṣe owó Tron fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 400 USDT níwájú wọn tí wọn ò lè rán ẹyọ kan. Ní nǹkan bí 30 TRX nílẹ̀ kí ọjọ́ títà tó dé.

Títà ló gba sùúrù jù. Ọ̀pọ̀ ló ń tà ní P2P ilé pàṣípààrọ̀, níbi tí ẹni kan ti ń ra dọ́là rẹ tí ó sì ń san náírà tààrà sí báńkì rẹ. Ká ní ayàwòrán wa fẹ́ ta 200, kó fi ìyókù pa mọ́, tí iye ọjọ́ náà sì jẹ́ ₦1,500: ₦300,000 ló ń retí. Bí ẹnì kan bá gbà láti rà á, ilé pàṣípààrọ̀ á ti 200 USDT náà mọ́lẹ̀, kò ní lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rà á títí ayàwòrán wa á fi tẹ `Release`.

Kó tó tẹ ẹ́, kó ṣí áàpù báńkì rẹ̀, kó wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Má gba álẹ́ẹ̀tì orí fóònù gbọ́, má sì gba fọ́tò ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń rà á fi ránṣẹ́ gbọ́, nítorí ayédèrú méjèèjì ò ṣòro ṣe. Wo orúkọ tó fi owó ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí P2P mu. Bí owó bá ti àkáǹtì ẹlòmíràn wá, ó lè jẹ́ owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Bí olówó bá fẹjọ́ sùn, àkáǹtì tìrẹ ni báńkì máa tì pa. Má tẹ `Release`, bó ti wù kí ẹni náà bẹ̀ ọ́ tó tàbí kó pariwo pé òun ń kánjú. Tẹ `Appeal`, gbé ohun tí áàpù báńkì fi hàn ọ́ síbẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ilé pàṣípààrọ̀ yanjú rẹ̀ nígbà tí USDT rẹ ṣì wà ní títì.