Ìwọ̀n Pòròpórò àti Ìgbẹ́ Adìyẹ: Ẹ̀kọ́ Kan lórí Pípo Ajílẹ̀ fún Oko Òkè-Ògùn

Láti Ṣakí títí dé Ìṣẹ́yìn, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí kò ní oko tàbí tí kò ní ará tí ó ń dáko. Bí owó fátíláísà ti ń gun òkè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wa ti ń padà sí kíkó pàǹtírí oko jọ kí ó jẹrà di ajílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí kọ́ńpọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀kan á ní òkìtì òun ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, pòròpórò inú rẹ̀ sì wà bí ó ti wà. Èkejì á ní òórùn òkìtì tòun ń ta ènìyàn lójú àti nímú. Ẹ̀kẹta, tí tirẹ̀ burú jù, á ní òun ti kó ajílẹ̀ sí oko, àgbàdo òun sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú ju ti ẹni tí kò kó nǹkan kan sí i lọ.

Ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, orísun kan náà ni wọ́n sábà máa ń ní: ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù sí náítírójìn nínú ohun tí a pò pọ̀. Ìwọ̀n náà ni a fẹ́ kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

1. Kí ni ìtumọ̀ ìwọ̀n yìí?

Àwọn ẹ̀dá tíńtín tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń sọ pàǹtírí di ajílẹ̀. Bí àwa náà ti nílò òkèlè àti ẹran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà nílò ohun méjì. Kábọ́ọ̀nù ni òkèlè wọn: òun ni ó ń fún wọn ní agbára, ó sì pọ̀ nínú ohun gbígbẹ bí pòròpórò, koríko gbígbẹ àti igi. Náítírójìn ni ẹran wọn: òun ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, ó sì pọ̀ nínú ìgbẹ́ ẹran àti ewé tútù.

Bí a bá sọ pé ìwọ̀n ohun kan jẹ́ 60 sí 1, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé níbi tí náítírójìn bá ti jẹ́ kílò kan, kábọ́ọ̀nù tí ó bá a rìn jẹ́ 60 kílò. Èyí tí ó yẹ kí òkìtì fi bẹ̀rẹ̀ ni 25 sí 1 títí dé 30 sí 1. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú ara àwọn ẹ̀dá tíńtín wọ̀nyí, kábọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́wàá náítírójìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kábọ́ọ̀nù tí wọ́n jẹ ni ó ń di ara wọn. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n ń mí sọnù, èyí sì ni ó ń mú kí òkìtì gbóná. Nítorí náà, bí wọ́n bá jẹ 30, nǹkan bí 20 á bá afẹ́fẹ́ lọ, 10 yóò sì kù láti bá náítírójìn kan ṣọ̀kan.

Bí kábọ́ọ̀nù bá pọ̀ jù, òkèlè wà ṣùgbọ́n ẹran tán; iṣẹ́ wọn á falẹ̀, òkìtì kò sì ní gbóná. Bí náítírójìn bá pọ̀ jù, èyí tí wọn kò rí lò á di amóníà, á sì fò lọ. Amóníà yìí ni ó ń ta ènìyàn lójú. Ajílẹ̀ tí a fi owó tàbí òógùn wá ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.

2. Ìṣirò kan ní kíkún

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ní agbègbè wa: pòròpórò àgbàdo àkọ́kọ́, tí a kó kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ iná ọ̀dàn, àti ìgbẹ́ adìyẹ tí a kó lábẹ́ àgò àwọn adìyẹ ẹlẹ́yin.

A kì í fi agbọ̀n ṣe ìṣirò yìí, nítorí agbọ̀n pòròpórò fúyẹ́, agbọ̀n ìgbẹ́ sì wúwo. A kì í sì ka omi inú wọn mọ́ ọn. Ohun gbígbẹ nìkan ni a ń wọ̀n.

Nínú 100 kílò pòròpórò tí ó gbẹ dáadáa, kábọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 45 kílò, náítírójìn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò kan, èyíinì ni 0.75. Bí a bá fi 0.75 pín 45, a ó rí 60. Òkèlè ti pọ̀ jù.

Nínú 25 kílò ìgbẹ́ adìyẹ tí ó gbẹ, kábọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 9 kílò, náítírójìn sì jẹ́ nǹkan bí kílò 1. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 9 sí 1. Ẹran ni ó pọ̀ jù níhìn-ín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a pò wọ́n pọ̀. Kábọ́ọ̀nù: 45 àti 9 jẹ́ 54. Náítírójìn: 0.75 àti 1 jẹ́ 1.75. Bí a bá fi 1.75 pín 54, ó jẹ́ nǹkan bí 31. A ti dé ibi tí a ń lọ.

Ó ku omi. Ìgbẹ́ tí kò tíì gbẹ tán lè ní omi tí ó tó ìlàjì rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe 25 kílò ni a ó gbé wá, bí kò ṣe 50. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí dájú, kí ó wọn kílò kan, kí ó sá a sórí páànù nínú oòrùn títí yóò fi gbẹ kanrangandan, kí ó sì tún un wọ̀n. Ohun tí ó dín ni omi.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn iye wọ̀nyí kì í dọ́gba níbi gbogbo. Ìgbẹ́ tí oòrùn ti pa fún oṣù mélòó kan ti pàdánù nínú náítírójìn rẹ̀. Èyí tí a kó nínú ilé adìyẹ tí a da lẹ́búlẹ́bú pákó sí nílẹ̀ ti ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Ìṣirò ń fi ọ̀nà hàn wá ni. Òkìtì fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí a bá ṣì í.

3. Bí a bá fi ohun mìíràn dípò

Ẹlòmíràn á ní, "Gáà Fúlàní wà lẹ́bàá oko mi, ìgbẹ́ màálù ni n ó lò." Ó dára, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màálù kò lágbára bí ti adìyẹ. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 20 sí 1. Kí 100 kílò pòròpórò wa tó lè dé 30, a nílò nǹkan bí 112 kílò ìgbẹ́ màálù gbígbẹ. Bí ó bá jẹ́ tútù, tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi, ó ti ju 500 kílò lọ. Ẹni tí ó da agbọ̀n méjì sórí òkìtì ńlá kò tíì ṣe nǹkan kan.

Lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi ìlagi ni ó ń tan ènìyàn jù, nítorí ó pọ̀, wọn kì í sì í ta á wọ́n. Ìwọ̀n rẹ̀ lè tó 500 sí 1. Bí a bá fi 100 kílò rẹ̀ rọ́pò pòròpórò nínú ìṣirò òkè yìí, pẹ̀lú 25 kílò ìgbẹ́ adìyẹ kan náà, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 54 sí 1. Kódà bí a bá fi ìgbẹ́ kún un títí ìṣirò fi pé, ohun líle tí ó wà nínú igi kì í tètè jẹrà. Kí ó jẹ́ díẹ̀ nínú òkìtì, kí ó má jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

4. Títò òkìtì àti kíkíyèsí i

Oṣù kẹsàn-án dára láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pòròpórò àgbàdo àkọ́kọ́ ti gbẹ, òjò kò sì tíì dá. Kí a fi àdá gé pòròpórò kéékèèké, bí ìwọ̀n ìka ọwọ́. Kí a tẹ́ ẹ, kí a da ìgbẹ́ lé e, kí a wọ́n omi sí i, kí a sì tún tẹ́ òmíràn, títí yóò fi ga tó mítà kan ààbọ̀. Òkìtì kékeré kì í lè pa ooru mọ́. Omi tó bí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan tí ọwọ́ tutù, tí ẹ̀kán kan tàbí méjì sì jáde. Bí omi bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù.

Kí a ki ọ̀pá irin bọ àárín òkìtì. Lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, bí a bá fà á yọ, ó yẹ kí ó gbóná débi pé a kò lè dì í mú pẹ́. Bí kò bá gbóná, tí omi sì tó, náítírójìn ni kò tó: kí a tú u, kí a fi ìgbẹ́ kún un. Bí òórùn amóníà bá ń ta wá lójú, kí a fi pòròpórò kún un. Ṣùgbọ́n bí òórùn náà bá dà bí ti ẹyin tí ó bàjẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé. Kí a yí i padà, kí a jẹ́ kí ó fẹ́ díẹ̀.

Kí a yí òkìtì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bí a bá yí i tí kò gbóná mọ́, tí ó dúdú, tí ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí, ó ti jinná. Ìwọ̀n rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ ju 20 sí 1 lọ. Kí a bò ó mọ́lẹ̀ títí òjò yóò fi dé.

5. Ìdí tí àgbàdo fi pọ́n, àti ibi tí agbára ajílẹ̀ yìí mọ

Ẹni tí ó kó òkìtì tí kò jinná sí oko ti kó àwọn ẹ̀dá tíńtín tí ebi ń pa lọ síbẹ̀. Òkèlè ṣì wà níwájú wọn, ẹran kò sí; nítorí náà wọ́n á gba náítírójìn inú ilẹ̀ kí gbòǹgbò àgbàdo tó dé ibẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé àwọn ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ pọ́n, láti ṣóńṣó ewé wá sí àárín rẹ̀. Ilẹ̀ á dá a padà tó bá yá, ṣùgbọ́n àgbàdo ọdún náà kò ní dúró dè é.

Ẹ má sì jẹ́ kí a retí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Àpò yúríà kan tí ó jẹ́ 50 kílò ní 23 kílò náítírójìn nínú. Òkìtì tí a ṣírò lókè yìí kò ní ju 1.75 lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì sọnù. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter, tí a dá sílẹ̀ ní Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn láti fi pàǹtírí ọjà ṣe ajílẹ̀, fi ṣe oríṣi méjì: èyí tí a fi fátíláísà kún, àti èyí tí a kò fi nǹkan kan kún. Àgbẹ̀ wa lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: kí ó fi kọ́ńpọ́ọ̀sì sí ojú ihò tí ó ń gbin àgbàdo sí dípò kí ó fọ́n ọn ká gbogbo oko, kí ó sì fi ìwọ̀nba yúríà tẹ̀lé e lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti dàgbà díẹ̀. Iṣẹ́ tí kọ́ńpọ́ọ̀sì ń ṣe tí yúríà kò lè ṣe ni pé ó ń mú kí ilẹ̀ oníyanrìn wa di omi mú, kí ó má jẹ́ kí òjò gbá oúnjẹ ọ̀gbìn lọ.