Ta Ló Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ilé Yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbé wá bá mi jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni àná. Ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó yín fẹ́ kó tó mọ̀ yín, tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ láìjà, tí wọ́n sì ń kí ara wọn lórí fóònù títí dòní. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ náà wá máa ń ka iye ìgbà fún mi: wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin yẹn tún kọ nǹkan sábẹ́ àwòrán tí ọkọ òun gbé sórí Wásáàpù. Mo máa ń jẹ́ kó kà á tán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í pé kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ṣé wọ́n sì lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tọkọtaya kan tí mo dá sí ọ̀rọ̀ wọn n'Íbàdàn. Ọkọ ń ta pákó ní Bódìjà, ìyàwó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ìyàwó ló kọ́kọ́ wá. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé ọkọ òun àti obìnrin kan tó fẹ́ nígbà tí wọ́n jọ jẹ́ àgùnbánirọ̀ kò yéé sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ti di nọ́ọ̀sì, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, òun sì ni akápò ẹgbẹ́ tí àwọn tí wọ́n jọ sìnlú dá sílẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í pè. Lónìí owó àjọ ni, lọ́la àbúrò rẹ̀ ń kọ́lé, ó fẹ́ kó pákó láwìn. Nígbà tí bàbá ọkọ kú, obìnrin náà ra aṣọ ẹbí, ó jókòó sáàárín àwọn mọ̀lẹ́bí bí ọmọ ilé. Ìyàwó ní láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú òun.

Mo bi í léèrè pé níbo ni ọkọ rẹ̀ máa ń wà bó bá ń bá nọ́ọ̀sì yìí sọ̀rọ̀. Ó ní pálọ̀ ni, àní bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́, ó máa ń gbé e. Ta ló sọ fún un pé wọ́n fẹ́ra rí? Ọkọ òun fúnra rẹ̀ ni, kí ìdílé méjèèjì tó mọ ara wọn. Kí ni obìnrin náà máa ń pè é? "Ìyàwó wa" ni. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ wọn kejì lórúkọ, tòun tọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Mo wá bi í pé: nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ jà lórí owó ilé ìwé ọmọ lọ́dún tó kọjá, ǹjẹ́ nọ́ọ̀sì gbọ́? Ó dákẹ́, ó ronú, ó ní kò gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni ọkọ òun sọ ọ́ fún.

Mo ní nígbà náà, èmi ò rí olè nínú ilé yín.

Onímọ̀ kan wà rí ní Amẹ́ríkà tó máa ń tọ́jú àwọn tọkọtaya tí àgbèrè ti da àárín wọn rú, Shirley Glass lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 2003, ó sọ pé ìgbéyàwó tó dára a máa ní fèrèsé láàárín tọkọtaya, kí wọ́n lè máa rí inú ara wọn, a sì máa ní ògiri láàárín àwọn méjèèjì àti ayé tó kù. Ó ní ewu dé nígbà tí ipò bá yí padà: tí ẹnìkan bá ya fèrèsé sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tó wá mọ ògiri síwájú ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí yẹ ẹjọ́ púpọ̀ wò, kò sì já mi kulẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí wà lẹ́yìn ògiri. Ohun gbogbo tó bá sọ ni ìyàwó ń gbọ́. Ohun tí ìyàwó àti ọkọ ń bá ara wọn sọ, òun ò gbọ́ ọ. Bó bá pe ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, ibi tó wà náà nìyẹn.

Síbẹ̀ n kò sọ fún ìyàwó pé kó lọ gbé owú jìnnà. Ohun tó ń dùn ún ń dùn ún. Mo ní kó sọ fún ọkọ rẹ̀ láìpariwo pé kí ọ̀rọ̀ owó àjọ máa wà lójú ewé ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn ń rí, kí ìpè sì má kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ní kó máa ṣọ́ ohun tí ọkọ yóò ṣe. Ẹni tí kò ní nǹkan kan fi pamọ́ lè kùn díẹ̀, àmọ́ yóò ṣe é, nítorí kò sí ohun tó máa pàdánù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú nǹkan yóò bínú ju bí ẹ̀bẹ̀ náà ṣe tó lọ, yóò sọ pé o ò fọkàn tán òun, tàbí kó gbà lẹ́nu, kí ìpè wá kó kúrò ní pálọ̀ lọ sínú ọkọ̀. Oníṣòwò pákó yìí ṣe é lọ́jọ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì pe ìyàwó láti tọrọ àforíjì.

Àmọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá náà, bí ìyàwó ṣe fẹ́ dìde ni mo bi í pé, ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ò ní ẹni àná?

Ó ní ó wà, àmọ́ tòun kò jọ ti ọkọ òun. Kánádà ni ọkùnrin náà wà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pè. Kò sí bó ṣe lè ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá gbá òun mú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà tó jìn àti ìpè tí kò pọ̀ ló fi tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá obìnrin yìí kú, ó pè é, ó bá a kẹ́dùn, ó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọlúàbí ló ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ sì mọ̀. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin sọ fún un pé owó tí ọkọ òun dá sí ìsìnkú kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ìdáhùn ọkùnrin náà ni pé, "Tó bá jẹ́ èmi ni, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ owó rárá." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Láti ìgbà yẹn, bí ọkọ bá ti ṣẹ̀ ẹ́ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni Kánádà ni ọkàn rẹ̀ ń sá lọ kó tó bá ọkọ sọ ọ́. Ìgbà míì kì í tilẹ̀ bá ọkọ sọ ọ́ mọ́, nítorí inú rẹ̀ ti fúyẹ́ níbòmíràn. Ọkọ rò pé àlàáfíà dé. Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Ó tọ́jú nọ́ńbà ọkùnrin náà sínú fóònù pẹ̀lú orúkọ ìyá ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan. Ní oṣù kọkànlá, ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ wálé fún Kérésì, pé kí wọ́n rí ara wọn l'Ékòó, kó má wulẹ̀ da ọkọ rẹ̀ láàmú.

Obìnrin yìí kò tíì ṣe àgbèrè. Ó búra fún mi, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹni tó wà ní Kánádà ti mọ gbogbo ibi tí ilé wọn ti ń jò, ọkọ tó ń gbé inú ilé kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Fèrèsé ti kọjú síta.

Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Kánsáàsì ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2017 lórí ìdí tí àwọn tó ti fẹ́ra rí fi ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n rí. Àwọn kan fọkàn tán ara wọn, wọn ò sì fẹ́ pàdánù ìmọ̀ràn ara wọn. Àwọn kan ní nǹkan tó so wọ́n pọ̀, bí ọmọ, owó tàbí iṣẹ́. Àwọn kan kàn fẹ́ hùwà ọmọlúàbí. Ẹ̀kẹrin ni ìfẹ́ tí kò tíì tán nínú ẹnìkan. Ìdí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n rí i pé ó ń bí ìbànújẹ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìdí lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀. Ọmọlúàbí ni ẹni Kánádà fi wọlé. Ẹ má ṣe fi bí ọ̀rẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ dá ara yín láre. Ẹ yẹ bó ṣe rí lónìí wò.

Ti ẹni tó bímọ fún ọkọ yín yàtọ̀. Owó ilé ìwé, àìsàn ọmọ àti ìsinmi ilé ìwé kò lè má mú kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ìjà níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ wọn sáà jẹ́ ti ọmọ.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó olùkọ́ yìí bóyá ó fẹ́ dúró nílé ọkọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́. A jókòó, a kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan, òun ló tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀: "Ẹ ṣeun fún bí ẹ ṣe dúró tì mí nígbà tí bàbá mi kú. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ilé mi fún yín ju bó ṣe yẹ lọ, n ò sì ní sọ ọ́ mọ́. Màá sọ fún ọkọ mi pé à ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ yà nílé, kí àwa méjèèjì jọ kí yín." Kò bú u, kò sì sọ pé kó má pe òun mọ́. Mo ní kó fi ilẹ̀kùn iwájú ilé hàn án, kí a wo bóyá yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà rí i, kò fèsì. Ó wá ní Kérésì, ó sì padà, kò yà.

Ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí kan orúkọ irọ́ inú fóònù, nítorí ọkọ lè fara da òtítọ́ kan tó wúwo ju kéékèèké mẹ́fà tí ọjọ́ ń tú síta lọ. Ọkọ bínú gidi. Oṣù mélòó kan ni ilé fi tutù. Ó bi í ní ìbéèrè kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ní kí ìyàwó máa dáhùn láìkanra.

Àwọn kan nínú yín ń béèrè bóyá kí wọ́n máa yẹ fóònù wò lóru. Ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá rí nǹkan, ọ̀rọ̀ yóò di pé ẹ jí fóònù; bí ẹ ò bá rí nǹkan, ẹ máa tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Ẹ bèèrè lójú sójú: kí ni ẹni yìí mọ̀ nípa mi? Ṣé ó mọ̀ pé mo wà? Ìgbà wo la máa jọ rí i? Bí ẹ bá bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, tí gbogbo ìdáhùn jẹ́ ìbínú, tí ìpè sì tún ń wọnú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ti ju tẹni méjì lọ. Bí ó bá jẹ́ àfẹ́sọ́nà ni, ẹ dá ọjọ́ ìdána dúró, kódà bí wọ́n bá ti ra aṣọ ẹbí. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó, ẹ mú un lọ bá àgbà kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, ẹni tí kì í gbé ẹjọ́ jáde, kí ìyá méjèèjì tó gbọ́.