Ta ló ni àbọ̀ náà?

Ìbéèrè: Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ “She looked the word up”, mo fún un ní máàkì. Ó tún kọ “She looked the baby after”, mo fagi lé e. Ó bi mí pé kí nìdí, mi ò rí èsì fún un. Kí ni “up” ní tí “after” kò ní?

Èsì: Àbọ̀ inú gbólóhùn náà ni kí ẹ wò: ta ló ni ín, ṣé ọ̀rọ̀ ìṣe ni àbí ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé e?

Ẹ wo gbólóhùn méjì tó jọra bí ìbejì: “He ran up a hill”, ó sáré gun òkè, “He ran up a bill”, gbèsè rẹ̀ ń ga sí i. Nínú ti òkè, atọ́kùn ni “up”, òun ló ni “a hill”. A lè kó àwọn méjèèjì lọ síwájú pọ̀: “Up a hill he ran.” A lè fi àpọ́nlé ya ọ̀rọ̀ ìṣe kúrò lára wọn: “He ran quickly up a hill.” Ẹ dán méjèèjì wò pẹ̀lú gbèsè, ẹ ó rí i pé kò gún. “Ran” ló ni “a bill”. “Up” kàn ń ran ọ̀rọ̀ ìṣe lọ́wọ́ ni, kò ní àbọ̀ kankan. Nígbà tí ọ̀kan kò sí lábẹ́ èkejì, wọ́n lè pààrọ̀ ipò: “He ran a bill up.” Atọ́kùn Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú àbọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí “He ran a hill up” kò fi ṣeé gbọ́. Atọ́kùn ni “after” tí ọmọ yẹn kọ, “the baby” sì ni àbọ̀ rẹ̀.

Èdè wa náà mọ irú ìpínyà yìí. A ní “ó ba aṣọ náà jẹ́”, a kì í ní “ó bàjẹ́ aṣọ náà”. Dandan ni pípín tiwa. Gẹ̀ẹ́sì fúnni láyè láti yàn bí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, àmọ́ bó bá ti di arọ́pò orúkọ, yíyàn tán: “look it up” nìkan ló tọ́. Ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni “it”, Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn níbẹ̀. Àbọ̀ gígùn ló máa ń dúró sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe ní kí wọ́n há àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí sórí, nítorí ọ̀kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. “Look over the fence”, wo òdìkejì ọgbà. “Look over the contract”, yẹ ìwé àdéhùn wò. Bẹ́ ẹ bá dé kíláàsì, ẹ ní kí wọ́n fi “it” rọ́pò àbọ̀. “Look over it” ni ti ọgbà, “look it over” ni ti ìwé.