Pípa Iná Díẹ̀ Kí Gbogbo Rẹ̀ Má Baà Kú

Ní nǹkan bí aago 12:40 òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná kú káàkiri ìlú Enugu. Ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹ̀ jìnnà réré: nǹkan ló gbiná lórí okùn iná ńlá tó so Kainji pọ̀ mọ́ Jẹ́bà. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná, Adébáyọ̀ Adélabú, ṣàlàyé pé Jẹ́bà pàdánù mẹ́gáwáàtì tó lé ní 356, fíríkúẹ́ńsì sì já láti 50.29 sí 49.67.

Fíríkúẹ́ńsì ni iye ìgbà tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Nàìjíríà, 50 ló yẹ kó jẹ́. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ ìlọta mọ ohun tó ń gbé e wálẹ̀. Bí ata bá pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ á máa rẹlẹ̀, á máa fà. Bí ọlọ́ta kò bá tètè bu díẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ á kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gírìdì: bí jẹnẹrétọ̀ kan bá bọ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ á já lé àwọn tó kù lọ́rùn, eré wọn á sì máa dín kù.

Ká ní ìlú ń lo mẹ́gáwáàtì 4,000, tí 400 ṣàdédé sọnù. Fíríkúẹ́ńsì lè máa já ní nǹkan bí 0.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kó sì dé 48.8 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó yá tó bẹ́ẹ̀. Rílè, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ fíríkúẹ́ńsì ní ibùdó iná, ló ń ṣí bírékà àwọn fídà tí wọ́n ti yàn sílẹ̀.

Ìpele-ìpele ni wọ́n ń gé ẹrù. Ká ní ìpele àkọ́kọ́ wà ní 48.8, kó gé mẹ́gáwáàtì 200. Rílè àti bírékà máa gba bí 0.3 ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n tó ṣe é tán. Nígbà náà, fíríkúẹ́ńsì ti dé 48.6. Ìdí nìyí tí ìpele kejì kò fi gbọ́dọ̀ wà ní 48.7. Á ti gbéra kí ipa ìgé àkọ́kọ́ tó hàn, á sì máa pa iná àwọn tí kò yẹ kó kàn. Bó bá wà ní 48.5, ìgé àkọ́kọ́ ti dín eré ìjábọ̀ kù sí ìdajì. Ìpele kejì á gé 200 yòókù, fíríkúẹ́ńsì á sì dúró ní nǹkan bí 48.4. Gbogbo ìpele gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ wọn kó tó dé nǹkan bí 47.5, níbi tí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti máa ń pa ara wọn kí abẹ́ tọ́báìnì má baà bàjẹ́. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, gírìdì ti wó.

Ohun tó máa ń da ètò yìí rú ni pé níbi tí wọ́n ti ń pín iná ní wákàtí-wákàtí, fídà tí wọ́n yàn lè má ní iná lára lọ́jọ́ náà. Rílè á ṣí bírékà, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù kankan tó bọ́. Nínú ìwé, 200 ni wọ́n gé. Lórí okùn, ó lè má ju 120 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á yẹ àkọsílẹ̀ fídà náà wò: bó bá wà ní òdo kí rílè tó gbéra, wọ́n ní láti gbé rílè náà lọ sí fídà mìíràn.