Bí A Ṣe Ń Ṣàlàyé Ìyàtọ̀ Láàárín Iye Tí A Wọ̀n àti Iye Inú Ìwé

Bí ẹ bá ka ìròyìn iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì, ẹ ó rí i pé ìṣirò kì í sábà da ọ̀pọ̀ wọn láàmú. Ibi ìjíròrò ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé iye tí àwọn rí yàtọ̀ sí ti ìwé "nítorí àṣìṣe ènìyàn àti afẹ́fẹ́," wọ́n á sì fa ìlà sí i. Gbólóhùn yẹn kò ṣàlàyé ohunkóhun. Kí ohun kan tó jẹ́ àlàyé, ó gbọ́dọ̀ lè ti iye náà sí apá ibi tó yẹ̀ sí gan-an, kí agbára rẹ̀ sì tó láti tì í dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi okùn àti bọ́ọ̀lù irin ṣe àpẹẹrẹ. A fẹ́ mọ g, ìyẹn iye tí ìyára ohun tó ń já bọ́ fi ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. A so bọ́ọ̀lù mọ́ okùn, a jẹ́ kí ó máa fì lọ fì bọ̀, a sì ka àkókò rẹ̀. L ni gígùn, T ni àkókò tí bọ́ọ̀lù fi lọ tó sì padà lẹ́ẹ̀kan:

g = 4π²L/T²

Ká tó wọn ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ fẹ́ fi wé tiyín. Ọ̀pọ̀ ìwé ló kọ 9.81 m/s². Iye yẹn bá àwọn ìlú bíi Lọ́ńdọ̀nù àti Párìsì mu, ṣùgbọ́n g kò dọ́gba kárí ayé. Ilẹ̀ ayé wú díẹ̀ ní àárín, ó sì ń yí, nítorí náà g kéré sí i nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Richer, rí èyí ní 1672 nígbà tó gbé aago tó péye ní Párìsì lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Aago náà ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ falẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì di dandan kó gé ọ̀pá tó ń fì nínú rẹ̀ kúrú díẹ̀. Cayenne fi bíi dígírì 5 jìnnà sí ìlà náà. Òṣogbo àti Iléṣà wà ní dígírì 7 ó lé díẹ̀, wọ́n sì ga ju ojú òkun lọ ní bíi mítà 300 sí 400. Bí a bá fi ipò àti gíga yìí ṣírò, g tiwa jẹ́ 9.78 m/s². Ẹni tó fi 9.81 díwọ̀n ara rẹ̀ ní Iléṣà ti fi ìyàtọ̀ ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún ru ara rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan okùn. Bí ìwé ìdánwò bá pàṣẹ iye kan, ẹ lò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lo 9.78, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀.

Ó wá kan wíwọ̀n. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Iléṣà wọn okùn rẹ̀ láti ibi tó so ó mọ́ títí dé orí bọ́ọ̀lù, ó rí mítà 1.000. Bọ́ọ̀lù náà fì lọ fì bọ̀ lẹ́ẹ̀ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 40.4, nítorí náà T jẹ́ 2.02. Ìṣirò fún un ní g = 9.675. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni:

(9.675 − 9.78) ÷ 9.78 × 100 = −1.1%

Iye inú ìwé la fi pín in, kì í ṣe tiwa. Ẹ má sì ṣe pa àmì ìyọkúrò yẹn rẹ́, nítorí òun ló ń sọ fún wa pé iye wa kéré jù, àti pé ohun tó ń sọ g di kékeré la ó máa wá.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ẹ wò bóyá ìyàtọ̀ náà tilẹ̀ ju ohun tí irinṣẹ́ yín lè gbà lọ. Ìka tó ń tẹ aago lè yára tàbí kó pẹ́ ní ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Nínú 40.4, èyí jẹ́ 0.5%, àmọ́ nítorí pé T² la lò, ó di 1% nínú g. Ìdí nìyí tí a fi ń ka ogún dípò ẹyọ kan. Ìyàtọ̀ 1.1% ti kọjá ààlà yìí díẹ̀, ó sì yẹ ká fura.

Wàyí o, ẹ dán àwọn afurasí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù irin bá fúyẹ́ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ohun tí èyí lè yọ nínú g kò ju nǹkan bí 0.01% lọ. Ó ti g sí apá ibi tó yẹ, àmọ́ agbára rẹ̀ kéré jìnnà. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Igun ńkọ́? Bí a bá fa bọ́ọ̀lù jìnnà, T á gùn sí i, g á sì kéré. Ní dígírì 10, g á fi bíi 0.4% dín kù; ní dígírì 30, yóò tó 3.4%. Ẹ wo igun tí ẹ kọ sílẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́ dígírì 5, kò sì lè yọ ju 0.1% lọ.

Kíkà ńkọ́? Ẹni tó sọ "ení" bó ṣe ń tẹ aago, tó sì dá a dúró ní "ogún," mọ́kàndínlógún ló kà. Èyí á mú kí g ga sókè ní bíi 11%, títí dé 10.8. Bí ẹ bá rí 10.8 nínú iṣẹ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, "òdo" sì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa kéré jù ni, kò ga, nítorí náà ẹjọ́ kíkà kọ́.

Ó ku gígùn. Àárín bọ́ọ̀lù ló yẹ kí L dé, orí rẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí. Ìbú bọ́ọ̀lù jẹ́ sẹ́ńtímítà 2, nítorí náà sẹ́ńtímítà kan ló sọnù, ìyẹn 1% nínú L, tó sì jẹ́ 1% nínú g pẹ̀lú. Apá ibi tó ń tì í sí bá a mu, ìwọ̀n rẹ̀ náà sì bá a mu. Bí a bá fi 1.010 ṣe L, g á di 9.77, ìyàtọ̀ á sì di −0.1%.

Ọ̀nà mìíràn wà láti fìdí èyí múlẹ̀. Ẹ lo gígùn okùn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó yàtọ̀ síra, kí ẹ ya gíráàfù T² sí L. Bí gígùn bá ń sọnù nídìí bọ́ọ̀lù, ìlà náà kò ní gba òdo kọjá. Fún sẹ́ńtímítà kan, yóò gé ọ̀pá T² ní nǹkan bí 0.04. Dídagun ìlà kò yí padà, nítorí náà bí ẹ bá fi dídagun náà pín 4π², g tó dára á jáde bí ẹ tilẹ̀ ṣìnà nínú L.

Báyìí ni ìjíròrò náà ṣe lè lọ: "Mo kọ́kọ́ rí 9.675 m/s², tó fi 1.1% kéré sí 9.78 tó jẹ́ ti agbègbè Iléṣà. Aago mi lè fa 1%. Mo ti wọn okùn dé orí bọ́ọ̀lù nìkan. Nígbà tí mo fi ìdajì ìbú rẹ̀ kún un, mo rí 9.77. Ìyàtọ̀ 0.1% tó kù wà láàárín ohun tí aago mi lè gbà. Igun dígírì 5 àti afẹ́fẹ́ kéré jù láti fa ìyàtọ̀ àkọ́kọ́."

Ẹ kíyè sí i pé pẹ̀lú 1% yìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò lè sọ pé iṣẹ́ òun fi hàn pé 9.78 ló tọ̀nà, tí 9.81 kò tọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀ ní láti ka ọgọ́rùn-ún, kí àṣìṣe aago dín kù sí 0.2%, kó sì wọn L dé mìlímítà kan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ má ṣe pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́ kí iṣẹ́ lè dà bíi ti ìwé. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ẹni tó rí 9.675 tó sì mọ ìdí rẹ̀ ní máàkì ju ẹni tó kọ 9.81 láìlè sọ bó ṣe dé ibẹ̀.