Àtẹ Àmì fún Àìdọ́gba Oníìdá: Ọ̀gangan Òdo àti Ọ̀gangan Àìnítumọ̀

Àìdọ́gba ni gbólóhùn ìṣirò tí ó sọ pé ohun kan ju òmíràn lọ, tàbí pé kò tó o. Bí iye tí a ń wá, èyí tí a fi x dúró fún, bá wà nísàlẹ̀ ìlà ìdá, àìdọ́gba oníìdá ni a lè pè é. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 kò dé ibí yìí. Iṣẹ́ sẹ́kọ́ńdírì ni. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

(2x + 1)/(x − 3) ≤ 1

Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí a ó ti ka àmì ≤. Atúmọ̀-èdè tí ó bá tẹ̀lé èdè Òyìnbó lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kà á sí ‘ó kéré sí tàbí ó dọ́gba pẹ̀lú’. Kò sí ẹni tí ń ná ọjà tí í sọ̀rọ̀ báyìí. ‘Kò ju 1 lọ’ ti kó kíkéré àti dídọ́gba pọ̀ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ‘kò dín ní 1’ ti ṣe fún ≥. Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún: gbólóhùn ìyísódì ni àwọn méjèèjì, ìyísódì yìí yóò sì dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àìdọ́gba bí ẹni ń ṣe ìdọ́gba. Yóò fi x − 3 sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì di púpọ̀ kí ìlà ìdá lè kúrò nílẹ̀. Yóò rí 2x + 1 ≤ x − 3, yóò sì parí rẹ̀ sí x ≤ −4. Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà dán an wò. Bí x bá jẹ́ −10, òkè ìdá jẹ́ −19, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ −13. Ìdá náà jẹ́ 19/13, èyí tí ó ju 1 lọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò bá àìdọ́gba náà mu. Bí x bá sì jẹ́ 0, tí ìdáhùn rẹ̀ ti lé jáde, ìdá náà jẹ́ −1/3, èyí tí kò ju 1 lọ. Àfi −4 nìkan, gbogbo iye tí ó gbà wọlé ni ó yẹ kí ó lé jáde. Ohun tí ó fà á ni pé bí a bá fi iye tí kò tó òdo sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àìdọ́gba di púpọ̀, ‘kò ju’ yóò yí padà di ‘kò dín ní’. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì tíì mọ̀ bóyá x − 3 tó òdo tàbí kò tó o, nítorí pé x gan-an ni ó ń wá.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a má ṣe fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ìdá. A ó yọ 1 kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí òdo nìkan lè kù lápá ọ̀tún, a ó sì sọ apá òsì di ìdá kan ṣoṣo:

(2x + 1)/(x − 3) − 1 = (2x + 1 − x + 3)/(x − 3) = (x + 4)/(x − 3) ≤ 0

Ìbéèrè ti rọrùn wàyí. A kò béèrè bí ìdá náà ti tóbi tó mọ́. Àmì rẹ̀ nìkan ni a ń wá. Fún àmì méjì yìí, òǹkà Yorùbá ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń pe 14 ní mẹ́rìnlá àti 16 ní mẹ́rìndínlógún ti mọ ‘lé’ àti ‘dín’ láti kékeré. Iye tí ó lé ní òdo ni a ó fún ní àmì lé (+). Èyí tí ó dín ní òdo ni a ó fún ní àmì dín (−). Bí òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá bá ní àmì kan náà, ìdá yóò ní àmì lé. Bí àmì wọn bá yàtọ̀, yóò ní àmì dín.

Ìdá bí èyí kò lè ti àmì lé bọ́ sí àmì dín lójijì níbikíbi tí ó bá wù ú. Ọ̀nà méjì péré ni ó ní. Ó lè gba orí òdo kọjá, èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí òkè ìdá bá ti di òdo. Ọ̀gangan òdo ni èyí. Ó sì lè fo ibi tí kò ti ní iye kankan, níbi tí ìsàlẹ̀ ìdá ti di òdo, nítorí pé a kì í fi òdo pín nǹkan. Ọ̀gangan àìnítumọ̀ ni èyí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀gangan òdo ni −4, ọ̀gangan àìnítumọ̀ sì ni 3. Àwọn méjèèjì pín ìlà òǹkà sí ọ̀nà mẹ́ta, a ó sì tẹ́ àtẹ náà báyìí:

| | x < −4 | x = −4 | −4 < x < 3 | x = 3 | x > 3 |
|---|---|---|---|---|---|
| x + 4 | − | 0 | + | + | + |
| x − 3 | − | − | − | 0 | + |
| ìdá | + | 0 | − | × | + |

Ìlà ìsàlẹ̀ àtẹ ni ìdáhùn wà. Àmì dín wà láàárín −4 àti 3, òdo sì wà ní −4 fúnra rẹ̀. Nítorí náà, −4 ≤ x < 3. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, a mú iye kan láti apá kọ̀ọ̀kan padà sínú àìdọ́gba àkọ́kọ́. A ti dán −10 àti 0 wò. 5 ni ó kù, ó sì fún wa ní 11/2, èyí tí ó ju 1 lọ.

Ibi tí ìyísódì ti ń dá wàhálà sílẹ̀ rèé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè sọ pé: bí x bá jẹ́ 3, ìdá náà kò ní iye, ohun tí kò ní iye kò sì lè ju 1 lọ, nítorí náà ‘kò ju 1 lọ’ jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀, ó sì yẹ kí 3 wọlé. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Gbólóhùn tí a fún un ni ó gbà á láyè. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a kà á ní kíkún: ‘ó ní iye, iye náà kò sì ju 1 lọ’. Àmì × tí ó wà lábẹ́ 3 nínú àtẹ ń sọ pé apá àkọ́kọ́ gbólóhùn yìí ti já. Fún ìdí kan náà, kò dára kí olùkọ́ pe òdo ní ‘òfo’ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Òdo jẹ́ iye. Bí ìdá bá jẹ́ òdo, ó ní iye, ó sì bá ≤ 0 mu. Bí a bá pe òdo ní òfo, −4 àti 3 yóò jọra lójú akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì mú àwọn méjèèjì wọlé tàbí kí ó lé àwọn méjèèjì jáde. Lórí ìlà òǹkà, a máa ń kun róbótó orí −4 dúdú, a sì máa ń fi ti orí 3 sílẹ̀ láìkùn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a tún máa ṣe ọ̀lẹ: wọn a wá àmì apá kan, wọn a sì máa pààrọ̀ lé àti dín bí wọ́n ti ń kọjá ọ̀gangan kọ̀ọ̀kan. Ó bá àpẹẹrẹ òkè yìí mu, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí:

(x + 2)(x − 1)²/(x − 3) ≥ 0

Ọ̀gangan òdo ni −2 àti 1; ọ̀gangan àìnítumọ̀ ni 3. Ṣùgbọ́n (x − 1)² kì í ní àmì dín láé, nítorí pé ohun tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kò lè dín ní òdo. Nígbà tí a bá kọjá 1, ìdá náà kan òdo, ó sì padà sí àmì dín tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ àtẹ yóò kà báyìí láti òsì sí ọ̀tún: lé, òdo, dín, òdo, dín, àìnítumọ̀, lé. Ìdáhùn rẹ̀ ni x ≤ −2, tàbí x = 1, tàbí x > 3. Ẹni tí ó kàn ń pààrọ̀ àmì láìwo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò fi àmì lé sí àárín 1 àti 3, yóò sì gba 2 wọlé, bẹ́ẹ̀ ìdá náà jẹ́ −4 níbẹ̀. Ẹni tí ó sì wo apá tí ó ní àmì lé nìkan, tí kò wo ọ̀gangan òdo lọ́tọ̀, yóò gbàgbé 1, èyí tí ó dá dúró láàárín àwọn tí kò wọlé.